Owó Kò Sí Nínú Káàdì Ẹ̀bùn

Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan mú káàdì ẹ̀bùn wá bá mi ní ilé-ìtajà tí mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ ìsanwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti fi aṣọ dúdú wé e, ó sì tún fi ọ̀rá dì í, nítorí pé ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ti gba náírà 500 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé bí káàdì bá ti sún mọ́ fóònù, fóònù yóò fa owó inú rẹ̀ mu. Ẹni kẹta nìyí láàárín oṣù kan tí yóò mú ìtàn yìí wá. Mo yọ káàdì tèmi, tí náírà 1,200 kù lórí rẹ̀, mo fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì lójú rẹ̀, mo wá ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún kaṣíà. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, mo ra bisikíìtì náírà 300, rìsíìtì sì jáde pẹ̀lú náírà 900 tó ṣẹ́kù. Ìyá náà wojú mi, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ní oògùn lọ́wọ́ báyìí?”

Kò sí oògùn níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti dá àjọ rí ló yẹ kó tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì tí alájọ fún yín, tí ó ń fi gègé sàmì sí láràárọ̀, kì í ṣe òun ni owó wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá pa á tàbí tí eku bá jẹ ẹ́, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ alájọ, níwọ̀n bí àkọsílẹ̀ bá ti wà nínú ìwé rẹ̀. Káàdì ẹ̀bùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà nìkan ni ó rù, yálà a tẹ nọ́ńbà náà sí ojú rẹ̀, tàbí a fi ìlà dúdú-funfun kọ ọ́, tàbí ó wà nínú ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn káàdì tí a máa ń fà kọjá nínú ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé irin òòfà lè ba ìlà ẹ̀yìn yẹn jẹ́ tí ẹ̀rọ kò fi ní lè kà á mọ́, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó yín, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ta káàdì ni ìwé owó náà wà. Ohun kan ṣoṣo ni alájọ fi yàtọ̀: alájọ mọ ojú yín. Kọ̀ǹpútà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ti mú nọ́ńbà wá ni olówó lójú tirẹ̀.

Nítorí náà ni káàdì tó so kọ́ sára ìṣó ní ilé-ìtajà kò fi tó ohun tí olè ń jí. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wà nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdo ni a kọ síwájú rẹ̀, a sì ti tì í pa. Ìgbà tí ẹ bá sanwó tán tí kaṣíà fi ẹ̀rọ ka ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé kí ó ṣí nọ́ńbà yìí, kí ó sì kọ iye báyìí sí i. Jíjí káàdì ni àwa ń pè é, bí ìgbà tí a bá jí ẹni tó ń sùn, kì í ṣe olè jíjà. Nígbà Ojúde Ọba kan, akápò ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ra 40 káàdì tó jẹ́ náírà 10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kánjú. Kaṣíà jí 38, ó fo méjì. Àwọn méjì tó gba káàdì tí kò jí ni wọ́n wá pe akápò náà ní olè níwájú ẹgbẹ́. Rìsíìtì tí ó ti jù sí ìsàlẹ̀ báàgì ni ó yọ ọ́: nọ́ńbà mẹ́rin ìparí káàdì kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, a kà wọ́n, 38 ni wọ́n. Ẹ má ṣe kúrò nídìí káńtà láì ka ìyẹn.

Ìnáwó rẹ̀ kò le rárá. Ká ní náírà 20,000 ni wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà yín, tí ẹ sì ra ọjà náírà 13,450. Ẹ̀rọ yóò fi nọ́ńbà àti iye náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò wò ó bóyá káàdì ti jí, bóyá owó rẹ̀ tó, yóò yọ ọ́, yóò sì dáhùn pé ó ku náírà 6,550. Bí ẹ bá padà wá ra ọjà náírà 8,200, tí kaṣíà sì fi gbogbo iye náà béèrè, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́ pátápátá, ibẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà ti máa ń pariwo pé a ti jẹ owó àwọn. Ẹ sọ fún un pé kí ó yọ náírà 6,550 nínú káàdì, kí ẹ fi náírà 1,650 owó ọwọ́ kún un. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ṣùgbọ́n tí ìdáhùn kò tíì dé, ẹ̀rọ tó dára yóò ránṣẹ́ mìíràn pé kí a dá a padà. Kí ẹ tó tún fa káàdì náà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ iye tó ṣẹ́kù wò.

Ohun tí ó ń já mi láyà ni ojú fàdákà tí ẹ máa ń fi èékánná ha. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, òun sì ni kọ́kọ́rọ́. Olè tó mọ iṣẹ́ kì í jí káàdì gbé. Yóò dúró nídìí ìṣó, yóò da nọ́ńbà ara káàdì kọ, yóò ha ojú fàdákà, yóò da ti ìkọ̀kọ̀ kọ pẹ̀lú, yóò lẹ fàdákà tuntun mọ́ ọn, yóò sì dá káàdì padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa yẹ nọ́ńbà náà wò lóòrèkóòrè títí olóòótọ́ kan yóò fi sanwó jí i fún un.

Ìyá àgbà kan láti Ṣágámù ni ó kọ́ mi ní èyí. Ó ra káàdì náírà 50,000 ní ilé-ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ, fún ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó tuntun fẹ́ ná an, òdo ni ó bá. Wọ́n ní ìyá náà ti ná an tán, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Àbúrò rẹ̀ mú káàdì náà wá fún mi, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó tà á: wọ́n jí i ní aago 2:14 ọ̀sán, wọ́n ti ná an tán ní 2:25, nígbà tí ìyá náà ṣì wà lórí ìlà nínú ilé-ìtajà yẹn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kejì. Mo fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí fàdákà ti ṣẹ́kù. Ó yọ gọ́ọ̀mù, etí rẹ̀ kan sì ti ká sókè.

Ní ọjọ́ kejì mo tọ́ gbogbo káàdì tó wà lára ìṣó wa bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni mo já sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn kaṣíà ni káàdì ẹ̀bùn ń gbé ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ óò sì ní láti béèrè kí a tó gbé e fún yín.