Bí a ṣe ń sọ éékà àti pulọ́ọ̀tì di hẹ́kítà àti mítà onígun mẹ́rin kí a tó ra ilẹ̀

Éékà ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì kò ní. Éékà 1 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4,046.86, hẹ́kítà 1 sì jẹ́ 10,000, ìyẹn ilẹ̀ tí òòró rẹ̀ jẹ́ mítà 100 tí ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà 100. Ẹni tí wọ́n bá fi éékà pe ilẹ̀ fún yóò fi 4,046.86 sọ iye éékà náà di púpọ̀ láti rí mítà onígun mẹ́rin, yóò sì fi 10,000 pín èsì yẹn láti rí hẹ́kítà.

Ti pulọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ègé ilẹ̀ ni pulọ́ọ̀tì, bí ẹni tó pín ilẹ̀ náà bá sì ṣe gé e ni yóò ṣe tóbi tó. Ọ̀kan lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn ìbú 50 àti òòró 100, èyí tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 464.5, òmíràn lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, èyí tó jẹ́ 668.9. Ohun tó ju mítà onígun mẹ́rin 200 lọ ni ìkejì fi tóbi ju àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Kí a tó béèrè iye pulọ́ọ̀tì, ó yẹ kí a ti mọ òòró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí mítà.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ ni yíyí ẹsẹ̀ bàtà sí mítà. Ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ mítà 0.3048. Àwọn kan á kọ́kọ́ sọ 50 di ìlọ́po 100, wọ́n á rí 5,000, wọ́n á wá fi 0.3048 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì kọ mítà onígun mẹ́rin 1,524 sílẹ̀. Iye yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ilẹ̀ náà lọ, nítorí pé òòró nìkan ni wọ́n yí padà, wọn kò yí ìbú. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ́kọ́ sọ di mítà: 50 di 15.24, 100 di 30.48. Ìgbà tí a bá sọ 15.24 di ìlọ́po 30.48 ni 464.5 yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ kan tí wọ́n ní ó jẹ́ éékà méjì àtààbọ̀, tí wọ́n sì ní pulọ́ọ̀tì 15 ni, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti éékà fún wa ní mítà onígun mẹ́rin 10,117, ìyẹn hẹ́kítà 1.0117. Ti pulọ́ọ̀tì fún wa ní 10,033. Ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ṣùgbọ́n a kò tíì rí àyè ọ̀nà nínú rẹ̀: mítà onígun mẹ́rin 84 tó ṣẹ́ kù kò lè tó ọ̀nà tí yóò dé ọ̀dọ̀ pulọ́ọ̀tì 15. Yálà pulọ́ọ̀tì kò pé 15, tàbí wọn kò gùn tó bí wọ́n ṣe sọ, tàbí ọ̀nà wà níta ilẹ̀ náà. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ẹni tó ń tà á nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá wo àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà. Ká ní hẹ́kítà 0.962 ni wọ́n kọ sí i. A ó sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000, yóò di mítà onígun mẹ́rin 9,620. Ó dín ní 497 sí ohun tí wọ́n pè, èyí tó ju odindi pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ. Iye tó wà nínú àwòrán ni kí a fi pín owó ilẹ̀, kí a lè mọ iye tí mítà onígun mẹ́rin kan ń jẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀tàn ló máa ń fa irú àdínkù bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ máa ń gùn lójú téèpù ju bó ṣe gùn lórí àwòrán lọ, nítorí pé awọnlẹ̀ ń ṣírò ilẹ̀ bí ẹni pé ó tẹ́jú. Bí téèpù bá ka mítà 30 lórí ilẹ̀ tó ga sókè ní mítà 6 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mítà 29.39 ni yóò wà nínú àwòrán.

Igun ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Sísọ òòró di ìlọ́po ìbú kò fúnni ní ìwọ̀n tó péye àyàfi bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé. Lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹni tó bá na téèpù láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i yóò rí nǹkan bíi mítà 34.08. Bí ọ̀kan nínú ìlà igun sí igun méjèèjì bá gùn ju èkejì lọ, ilẹ̀ náà ti wọ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré sí 464.5, bí òòró àti ìbú rẹ̀ tilẹ̀ pé.