Mo Yọ Díráìfù Àtijọ́, Windows Tuntun Kò Wọlé Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, háàdì díráìfù 500 GB inú kọ̀ǹpútà mi ti ń kú lọ. Mo ra SSD 240 GB, mo so ó mọ́ ọn láìyọ ti tẹ́lẹ̀, mo sì fi Windows tuntun sórí rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì yára. Ìgbà tí mo yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí díráìfù tí òun máa fi wọlé. Tí mo bá dá a padà, ó tún wọlé. Ṣé SSD tí mo rà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, kò sí ohun tó ṣe é. Orí díráìfù tuntun ni Windows yín wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn fáìlì kéékèèké tó ń jí Windows dìde ṣì wà lórí ti àtijọ́.

Tí a bá tan kọ̀ǹpútà ayé ìsinsìnyí, kì í wá Windows fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìpín kékeré kan tó ń jẹ́ EFI ló ń wá, èyí tí Windows sábà máa ń fún ní nǹkan bí 100 MB péré. Ibẹ̀ ni ohun tó máa sọ ibi tí Windows wà fún un wà. Nígbà tí ẹ ń fi Windows tuntun sílẹ̀, ó wò yíká, ó rí i pé ìpín EFI kan ti wà lórí díráìfù àtijọ́, ló bá lo ìyẹn dípò kó dá tuntun. Kò béèrè lọ́wọ́ yín, kò sì sọ fún yín. Ẹ ti kó ẹrù lọ sílé tuntun, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló kù sílé àtijọ́.

Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí orí díráìfù tó ń kú lọ ni gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà yín so kọ́ báyìí. Lọ́jọ́ tí ibi tí àwọn fáìlì wọ̀nyẹn wà lórí rẹ̀ bá bàjẹ́, Windows tuntun kò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan tó ṣe é.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ dá díráìfù àtijọ́ padà, ẹ wọlé sí Windows, kí ẹ wá ṣí `Disk Management`. Iye tó wà lára wọn ni ẹ máa fi dá wọn mọ̀: èyí tí wọ́n kọ 500 GB sí lára máa hàn bíi 465 GB, 240 GB sì máa hàn bíi 223 GB. Tí `EFI System Partition` bá wà lórí 465 GB nìkan, tí kò sí lórí 223 GB, ohun tí mo sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti wà níbẹ̀, tí ìwé, àwòrán tàbí iṣẹ́ yín bá ṣì wà lórí ti àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ kó wọn kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Èyí tí ẹ kò lè rí irú rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo `chkdsk /r` láti fi tún un ṣe. Ṣe ló máa ka gbogbo ojú díráìfù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ yẹn nìkan sì lè pa díráìfù tó ti rẹ̀. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ léraléra, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Tí ohun tó wà lórí rẹ̀ bá ṣe pàtàkì, ọwọ́ ẹni tó ń yọ fáìlì lórí díráìfù tó bàjẹ́ ló kàn.

Ó wá kan àtúnṣe. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ díráìfù àtijọ́ jáde pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ṣe é nígbà tí méjèèjì ṣì wà nínú rẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé tuntun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè ṣèèṣì fọwọ́ kan èyí tí fáìlì yín wà lórí rẹ̀.

Ẹ ki fúláàṣì tí ẹ fi gbé Windows sílẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń béèrè ibi tí òun máa gbà wọlé, ẹ yan orúkọ fúláàṣì náà tó ní `UEFI` níwájú. Tí ojú ìwé àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀, ojú dúdú kan máa ṣí. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn, ẹ máa fi Fn kún un. Ẹ tẹ èyí:

```
diskpart
list disk
list volume
```

Nínú `list disk`, ẹ wò ó bóyá àmì ìràwọ̀ wà ní abẹ́ `Gpt` fún 223 GB. Tí kò bá sí, ẹ dúró níbẹ̀: ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń gbà wọlé ni wọ́n fi gbé Windows yín sílẹ̀, àtúnṣe yìí kò bá a mu. Nínú `list volume`, ẹ wá èyí tó gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyè náà, kí ẹ sì rántí nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ C:

```
select volume 0
shrink desired=300
create partition efi size=260
format quick fs=fat32 label=System
assign letter=S
exit
```

A gé díẹ̀ kúrò lára ìpín ńlá, a sì fi dá ìpín EFI tuntun. Fáìlì yín kankan kò kúrò níbi tó wà. Ó wá ku ká kọ àwọn fáìlì ìjídìde síbẹ̀:

```
bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI
```

Tó bá yọrí sí rere, ẹ máa rí `Boot files successfully created`. Tó bá jẹ́ `Failure when attempting to copy boot files` ni ẹ rí, ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá `format` náà parí àti bóyá lẹ́tà S wà lórí ìpín tuntun lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fúláàṣì, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ìbéèrè: Tí mi ò bá tíì fi nǹkan kan sórí Windows tuntun yẹn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú àwọn àṣẹ wọ̀nyẹn nígbà náà. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi fúláàṣì wọlé, ẹ pa gbogbo ìpín orí díráìfù tuntun rẹ́ títí yóò fi ku `Unallocated Space` nìkan, ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ `Next`. Nítorí kò sí EFI mìíràn tó lè rí, Windows máa dá tirẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìpín ńlá mi ò fi NTFS hàn nínú `list volume`. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díráìfù pa, ti tì í. Windows 11 sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Inú àkáǹtì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48, sábà máa ń wà. Ẹ fi `manage-bde -unlock C: -rp` àti nọ́ńbà náà ṣí i, kí ẹ tó lo `diskpart`.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè dá díráìfù àtijọ́ padà sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn èyí?

Ìdáhùn: Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. EFI àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, BIOS sì lè tún mú ìyẹn dípò tuntun. Tí ẹ bá ṣì ní fáìlì láti kó, ẹ fi kéébù USB so ó láti ìta lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé tán, kí ẹ sì yọ ọ́ ní kété tí ẹ bá ti kó o tán.