Bí Àkótán Ìjábọ̀ Ṣe Lè Di Ohun Tí Àwọn Olùdarí Máa Kà Tán

Ìwádìí lórí bóyá òwò kan máa ṣeé ṣe lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, kí ìjábọ̀ rẹ̀ sì tó ojú ìwé 120. Ojú ìwé 1 tàbí 2 tó wà níwájú ni ọ̀pọ̀ olùdarí máa kà kí wọ́n tó jókòó ìpàdé, òun là ń pè ní àkótán. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó kan lè wà nílẹ̀ fún ìpàdé kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n sì ń wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ohun tí wọ́n ní kí àwọn fọwọ́ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àkótán ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ìjábọ̀ náà: ọ̀nà tí a gbà ṣe ìwádìí ló ṣáájú, ọjà tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tẹ̀ lé ọjà, owó tẹ̀ lé ẹ̀rọ, ìmọ̀ràn wá gbẹ̀yìn pátápátá. Bí olùwádìí ṣe rìn nìyẹn. Olùdarí fẹ́ gbọ́ èsì ná, kó tó wá béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe páálí, tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì. Àkótán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ìjábọ̀ yìí yẹ ọjà páálí wò, ó fi oríṣi ẹ̀rọ 3 wéra, ó sì ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà máa ná wa.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí èsì ìwádìí bá jẹ́ “ẹ má rà á”, ọ̀rọ̀ kan kò ní yí padà níbẹ̀. Gbólóhùn tó bá lè dúró bẹ́ẹ̀ yálà èsì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sọ nǹkan kan fún olùdarí. Kí a yọ ọ́.

Ẹ wo èkejì: “A dábàá pé kí a ra ẹ̀rọ kejì ní mílíọ̀nù 40. Bí a bá ń ta ìdá 70 nínú 100 ohun tó lè ṣe, mílíọ̀nù 8 lá máa kù lọ́dún, owó náà á sì padà wálé lọ́dún 5. Bí títà bá já sí ìdá 50, ó máa lé ní ọdún 9, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 10 ni ẹ̀rọ náà máa lò.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe kókó jù, òun náà sì ni àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń tì sínú tábìlì kan lẹ́yìn ìwé, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè ba ìmọ̀ràn wọn jẹ́. Títà kò tíì dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta, síbẹ̀ ohun tó kù lọ́dún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì: mílíọ̀nù 8 já sí 4.4. Owó bébà àti yíǹkì máa ń dín bí iṣẹ́ bá dín, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó-oṣù kì í dín.

Ìbéèrè tó kàn ni ibi tí ìdá 70 yẹn ti wá, àkótán ló sì yẹ kó dáhùn rẹ̀. Ká ní ìdá 45 ni àwọn oníbàárà ti fọwọ́ sí ní àdéhùn, tí ìdá 25 yòókù sì jẹ́ ìrètí lásán. Bí èyí bá hàn ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ lè yí: kí a ra ẹ̀rọ náà nígbà tí àdéhùn bá dé ìdá 60, torí níbẹ̀ owó máa padà ní bí ọdún 6 àbọ̀. Irú ìmọ̀ràn tó ní gbèdéke báyìí rọrùn fún ìgbìmọ̀ láti fọwọ́ sí ju “ẹ rà á” lásán lọ.

Ìparí iṣẹ́ ló yẹ ká kọ àkótán, síbẹ̀ àwọn oníṣirò lè tún owó ṣe lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́. Àkótán á máa sọ mílíọ̀nù 40 nígbà tí inú ìwé ti di 43. Olùdarí kan ṣoṣo tó bá rí i ti tó láti mú kí gbogbo ìpàdé máa wá àṣìṣe mìíràn kiri. Ohun tí a fi ń dènà rẹ̀ ni kí nọ́ńbà ojú ìwé tẹ̀ lé iye kọ̀ọ̀kan nínú àkótán, kí ẹnì kan sì ṣí ojú ìwé wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìwé tó lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Lẹ́yìn náà, kí a fún ẹni tí kò ka ìjábọ̀ náà rí ní àkótán náà, kó kà á lẹ́ẹ̀kan, ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì béèrè: kí ni wọ́n ní ká fọwọ́ sí, èló ni, kí ló lè bà á jẹ́? Èyí tí kò bá lè dáhùn ni ká padà lọ kọ.