Bí Olùtajà Ṣe Lè Mọ Ìgbà Tí Àwọn Oníbàárà Rẹ̀ Ń Wo Sítétọ́ọ̀sì

Sítétọ́ọ̀sì WhatsApp kì í pẹ́ ju wákàtí 24 lọ kó tó parẹ́, nítorí náà wákàtí tí olùtajà bá gbé ọjà síta ṣe kókó. Bí ó bá tẹ àmì ojú tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, yóò rí orúkọ àwọn tó ti wò ó àti aago tí oníkálukú wò ó. Àwọn tó bá ti pa àmì pé àwọn ti ka ọ̀rọ̀ kò ní hàn níbẹ̀, torí náà iye tó ń rí lè kéré sí iye tó wò ó gan-an.

Ká mú obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ àti gààrí ní Adó-Èkìtì, tó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń ná ọjà ìgbèríko ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ó gbé àwòrán síta ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì rí i ní ọ̀sán ọjọ́ kejì pé èèyàn 60 ti wò ó. Iye yẹn nìkan kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èèyàn 10 péré ló wò ó kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, tí 40 sì wò ó láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí, á mọ̀ pé ìdájí ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń mú fóònù, àti pé àsìkò yẹn ló yẹ kí òun náà wà nítòsí láti dáhùn ẹni tó bá béèrè iye owó.

Kó lè dá a lójú, yóò gbé irú àwòrán kan náà síta ní aago márùn-ún ìdájí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì mìíràn, láìyí iye owó padà. Ibi tí ó ti lè ṣì í lọ́nà nìyí: ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí a máa ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, ń padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Nítorí náà, nínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ọ̀kan yóò bọ́ sí ọjọ́ ọjà dandan. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ á ti kúrò nílé láti ìdájí. Bí kò bá kọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀, yóò rò pé aago náà ni kò dára. Ó sàn kó yọ ọjọ́ yẹn kúrò, kó sì fi ọ̀sẹ̀ karùn-ún dípò rẹ̀; ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọ̀sẹ̀ karùn-ún náà yóò bọ́ sí i, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kó fi dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti mọ aago ni kó tó yẹ iye àwòrán wò. WhatsApp ń ka iye ẹni tó wo àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí 60 bá wo àkọ́kọ́ nínú mẹ́jọ, tí 55 wo ẹ̀kẹta, tí 20 péré sì dé ẹ̀kẹjọ, àwòrán mẹ́ta tó fún ọjọ́ kan.

Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, àwọn olùkọ́ kò ní máa jí ní aago ti tẹ́lẹ̀ mọ́, a sì gbọ́dọ̀ tún ìdánwò náà ṣe kí a tó gbára lé e.