Ìdí Tí Íńtánẹ́ẹ̀tì Orí Wáyà Bàbà Fi Ń Dínkù Bí Wáyà Bá Ṣe Ń Gùn Sí I

Ìbéèrè: Èmi àti àbúrò mi jọ ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì VDSL2 lórí wáyà tẹlifóònù, owó kan náà la sì ń san. Ilé tirẹ̀ sún mọ́ àpótí ojú pópó tí wáyà wa ti ń wá, tèmi jìnnà, tirẹ̀ sì yá ju tèmi lọ fíìfíì. Kí ló fà á? Ṣé òótọ́ sì ni pé àwọn aládùúgbò tó ń gbà á sílé ń dín tèmi kù?

Ìdáhùn: Iná inú wáyà yín kò rìn jẹ́ẹ́ ju ti àbúrò yín lọ, ohun tó ń gbé lọ́wọ́ ló kéré. VDSL2 máa ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbì kéékèèké, èyí tó ga jù nínú wọn, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n yára jù, sì sábà máa ń tó mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 17. Bí ìgbì kan bá ṣe lágbára ju ariwo tó bá pàdé lọ ni iye bíìtì tí yóò lè gbé ṣe máa pọ̀ tó. Bí ìgbì bá sì ṣe ń ga sí i, etí wáyà nìkan ni iná rẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tó fi ń tètè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní wáyà kìlómítà 1 ń gba dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 20 lọ́wọ́ ìgbì mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 1, tó fi jẹ́ pé ìdá kan nínú 100 agbára rẹ̀ ló dé òpin. Ìgbì mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 4 yóò pàdánù nǹkan bíi 40, mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 16 yóò sì pàdánù nǹkan bíi 80. Tí wáyà náà bá di kìlómítà 2, gbogbo àdánù wọ̀nyí yóò di ìlọ́po méjì: ti ìsàlẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti òkè ti rì sábẹ́ ariwo pátápátá. Àwọn ìgbì òkè yìí, tó pọ̀ jù, ni àbúrò yín ní tí ẹ̀yin kò ní.

Ti àwọn aládùúgbò, òótọ́ ni. Wáyà méjì méjì ló wà fún ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì há mọ́ra nínú okùn kan, nítorí náà ìró ọ̀kan ń jò sínú èkejì. Láti ọdún 1881 tí Alexander Graham Bell, oníṣẹ̀dá tẹlifóònù, ti gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra: bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ipò, ìró àjèjì ń bọ́ sórí méjèèjì bákan náà, ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan sì ni módẹ́mù ń kà. Wọ́n máa ń lọ́ ti ilé kan le ju ti èkejì lọ, torí pé bí ìlọ́ wọn bá dọ́gba, jíjò náà yóò tún padà. Síbẹ̀, lórí àwọn ìgbì òkè, lílọ́ nìkan kò tó.

Ohun tó tún un ṣe ni ìlànà G.993.5 ti ọdún 2010. Àpótí náà máa ń rán àmì tó mọ̀ dáadáa jáde lórí wáyà gbogbo, módẹ́mù kọ̀ọ̀kan sì ń jábọ̀ àṣìṣe tó gbọ́. Láti inú èyí ni àpótí ti ń ṣírò bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jò sí tiyín, tó sì ń da òdìkejì ìró yẹn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń rán sí yín, kí méjèèjì lè pa ara wọn lójú ọ̀nà. Èmi gbà pé ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ wáyà tó bá so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn kò sí nínú ìṣirò náà, kò sì lè jí ìgbì tí jíjìnnà ti pa dìde.

Ẹ wo ojú ìwé ipò wáyà lórí módẹ́mù yín. Bí àdánù dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì kò bá yí padà, tí àlàfo tó wà láàrin ìgbì àti ariwo sì dínkù lẹ́yìn tí aládùúgbò kan tan tirẹ̀, jíjò ni ẹ fura sí.