Ẹ̀dínwó Fún Ẹni Tó Tètè Sanwó: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Kó Má Dà Bí Ìfúngunmọ́

Láàárín àwọn tó ń ta ọjà àwìn fún alátùntà, ìlànà kan wọ́pọ̀: kí oníbàárà san gbogbo owó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àmọ́ bí ó bá san láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, a ó yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún un. Ká ní aṣọ ₦500,000 ni wọ́n tà, tí wọ́n sì kọ ìwé owó rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìyí:

“Ẹ gbọ́dọ̀ sanwó láàárín ọjọ́ 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pàdánù ẹ̀dínwó 2%.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ti pòórá. Ẹni tó kà á á rò pé gbèsè ti fẹ́ẹ́ lé òun bá, nígbà tí ọjọ́ tó yẹ kó san án kò tíì pé. Kò sì rí iye tó máa kù sí i lọ́wọ́, àfi tó bá ṣírò fúnra rẹ̀.

Àtúnkọ rẹ̀ lè lọ báyìí:

“Ẹ ṣeun tí ẹ rajà lọ́wọ́ wa. Owó yín jẹ́ ₦500,000, ẹ sì lè san án títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn tí owó náà wọ àkáùǹtì wa kí ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà tó parí, ₦490,000 ni ẹ ó san, ₦10,000 á sì kù sọ́wọ́ yín.”

Ètò gbólóhùn ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ló ṣáájú, ẹ̀dínwó wá tẹ̀ lé e bí àfikún. Déètì gidi ló wà níbẹ̀, torí pé “ọjọ́ mẹ́wàá” máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípa ìgbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀. “Wọ àkáùǹtì” náà ṣe pàtàkì: ẹni tó fowó ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá, tó sì wọlé lọ́jọ́ kejì, á mọ ibi tí òun dúró.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kò lè sọ ohun tí kì í ṣe èrè di èrè. Fún oníbàárà, ₦10,000 yẹn ni èrè tó rí lórí ₦490,000 tó fi sílẹ̀ ní ogún ọjọ́ ṣáájú, èyí tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí èlé ìdá márùn-ún lóṣù ló fi máa yá owó náà, kó dúró ló sàn fún un. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìwé náà sọ pé “ẹ má jẹ́ kí àǹfààní yìí fò yín dá.” Olùtà ò mọ ìṣírò àpò ẹlòmíì. Bí wọ́n bá sì ti fi ₦10,000 lé iye ọjà kí wọ́n tó yọ ọ́, alátùntà tó mọ iye ọjà á rí i lójú ẹsẹ̀.

Bí oníbàárà bá ń pe ilé ìtajà láti bèèrè pé, “Ṣé kò sí wàhálà? Ṣé ẹ ń wá owó ni?”, ìkọ̀wé náà ṣì ń fúngun. Ìránnilétí kan lọ́jọ́ kẹsàn-án tó, ní ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlá, ₦500,000 àti ọjọ́ kìíní oṣù Keje nìkan ni kó wà nínú ìwé yòówù tí wọ́n bá tún fi ránṣẹ́, láìmẹ́nu kan ẹ̀dínwó tó ti kọjá.