Kí ló dé tí ọkọ̀ onígbòkun ò lè dojú kọ atẹ́gùn tààrà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣe ni atẹ́gùn kàn ń ti ìgbòkun látẹ̀yìn tí ọkọ̀ fi ń lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìgbà tí atẹ́gùn bá ń bọ̀ látẹ̀yìn nìyẹn. Ọkọ̀ yìí kan náà lè máa sún mọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, níbẹ̀ sì rèé, títì kọ́ ló ń gbé e lọ mọ́, fífà ni.

Ìgbòkun tí wọ́n ta dáadáa kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bíi páálí, ó máa ń ní ikùn. Tí atẹ́gùn bá kan etí rẹ̀ tiwájú, ó máa pín sí méjì, apá kan gba inú, apá kejì gba ẹ̀yìn ikùn yẹn, àwọn méjèèjì á wá tẹ̀ lé bí aṣọ náà ṣe tẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n kọjú sí nígbà tí wọ́n ń wọlé kọ́ ni wọ́n kọjú sí nígbà tí wọ́n ń jáde. Ìgbòkun ti yí atẹ́gùn lọ́nà, atẹ́gùn náà sì ń ti ìgbòkun padà sí òdìkejì. Èyí tó gba ẹ̀yìn ń sáré ju tinú lọ, préṣọ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, ti inú á ga, ìyàtọ̀ yẹn ló ń fa aṣọ náà síta, òun ni wọ́n ń pè ní lífítì. Àwọn kan máa ń sọ pé tẹ̀yìn ń sáré kó lè bá tinú pàdé lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí, kò rí bẹ́ẹ̀ o, tẹ̀yìn gan-an máa ń ṣáájú dé.

Ohun tó yẹ kéèyàn dì mú ni pé lífítì kì í fà lọ síwájú ọkọ̀, ó máa ń fà dábùú ọ̀nà atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn náà tún ń wọ́ ìgbòkun sẹ́yìn díẹ̀. Torí náà díẹ̀ lára lífítì ló ń lọ síwájú, èyí tó pọ̀ jù ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíìlì, ìyẹn apá fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó gùn wọ inú omi lábẹ́ ọkọ̀, ló ń di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú, torí omi ò jẹ́ kó rọrùn láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ọkọ̀ ṣì máa ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ṣá.

Ká wá fi nọ́ńbà wò ó. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré lójú omi. Atẹ́gùn ń fẹ́ ní nọ́ọ̀tì 10, ọkọ̀ ń sáré ní nọ́ọ̀tì 5, imú rẹ̀ fi dígírì 45 yà kúrò lójú atẹ́gùn. Torí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sáré lọ pàdé atẹ́gùn, èyí tí ìgbòkun ń gbà á tó nọ́ọ̀tì 14, igun rẹ̀ sí imú ọkọ̀ á sì ti dín kù sí nǹkan bíi dígírì 30. Ká ní lífítì jẹ́ 100, tí èyí tó ń wọ́ ọ sẹ́yìn sì jẹ́ 20. Ní dígírì 30 yẹn, lífítì á fa ọkọ̀ síwájú ní 50, wíwọ́ á gba 17 padà, ó ku 33, ọkọ̀ ń lọ nìyẹn. Àmọ́ tí awakọ̀ bá fi ojúkòkòrò yí imú ọkọ̀ títí igun yẹn fi di dígírì 10, 17 péré ni lífítì á fi fà á síwájú, wíwọ́ ti sún mọ́ 20 pátá, ọkọ̀ ti ń padà sẹ́yìn nìyẹn, ká má tíì sọ ti omi tó ń dí i lọ́wọ́. Tó bá wá kọjú sí atẹ́gùn gbọnrangandan, ikùn ìgbòkun á lọ, á kàn máa gbọ̀n pàtàpàtà bí àsíá, lífítì ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò fi lè wọ inú nǹkan bíi dígírì 45 lọ́tùn-ún lósì ojú atẹ́gùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ eré ìje lè sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òwú kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú méjèèjì ìgbòkun, nítòsí etí iwájú, ló ń fi hàn bóyá igun tí atẹ́gùn fi ń kan ìgbòkun dáa. Tí méjèèjì bá nà sẹ́yìn gbọọrọ, ó ti dáa. Tí tinú bá ń fò sókè, ọkọ̀ ti sún mọ́ ojú atẹ́gùn jù, kí awakọ̀ yà díẹ̀. Tí tẹ̀yìn bá ń jà tàbí tó wó lulẹ̀, wọ́n ti fa ìgbòkun le jù, atẹ́gùn ti ya kúrò lára aṣọ.

Ẹni tó bá ń lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ á gba kọ́rọkọ̀rọ ni, á lọ lápá ọ̀tún, á yí imú ọkọ̀ gba ojú atẹ́gùn kọjá, á tún lọ lápá òsì. Máìlì 1 tó wà níwájú á di bíi 1.4. Eré tí ọkọ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń gbé e la ojú atẹ́gùn kọjá nígbà tó bá ń yí, torí náà tí kò bá ní eré tó, ṣe ló máa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbòkun tó ń gbọ̀n, ìtọ́kọ̀ ò ní ṣiṣẹ́ torí omi ò ṣàn kọjá lára rẹ̀, àfi kí wọ́n fọwọ́ na ìgbòkun iwájú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí atẹ́gùn lè gbá imú ọkọ̀ yà.